Mo tún kọ́ọ̀sì kan ṣe, èló ni áfúréèjì mi máa dà?

Àbíkẹ́: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Mo ti ṣe kírẹ́díìtì 60 níbi tí mo ti ń kàwé, áfúréèjì mi jẹ́ 58. Kọ́ọ̀sì kan wà nínú ẹ̀ tó jẹ́ kírẹ́díìtì 15, 40 péré ni mo gbà, ó dùn mí gan-an, mo wá tún un ṣe, mo gba 72. 65 ni wọ́n ní kí n ní kí n tó lè tẹ̀síwájú. Ṣé mo ti débẹ̀?

Bọ̀dá Dẹ́jì: O ti débẹ̀ jàre. 58 àti 72 jẹ́ 130, pín in sí méjì, 65 géérégé!

Ìyá Ìbejì: Bọ̀dá ẹ má bínú, kò rí bẹ́ẹ̀. 58 yẹn, kírẹ́díìtì 60 ló wà lẹ́yìn ẹ̀, 72 ní 15 péré, ẹ ò lè pín wọn bíi pé wọ́n dọ́gba. Àbíkẹ́, ṣé wọ́n máa yọ 40 yẹn ni àbí wọ́n máa jẹ́ kó wà níbẹ̀? Tí wọ́n bá yọ ọ́, iye kírẹ́díìtì ẹ ò yí padà, 60 náà ni. Máàkì ẹ fi 32 lé sí i, kọ́ọ̀sì yẹn sì jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ẹ̀, torí náà áfúréèjì máa fi 8 gòkè, ó di 66. O ti kọjá nìyẹn.

Bọ̀dá Dẹ́jì: Tí wọn ò bá yọ ọ́ ńkọ́?

Ìyá Ìbejì: Ibẹ̀ ló ti le. Kírẹ́díìtì á di 75, 72 yẹn á wá jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún. 14 ló fi ju 58 lọ, ìdá kan nínú márùn-ún 14 jẹ́ 2.8, áfúréèjì á di 60.8. Kó tó lè dé 65 lọ́nà yìí, 93 ló yẹ kó gbà nínú àtúnṣe yẹn.

Bàbá Ẹniọlá: Háà, ìdí tí mo fi bá ọmọ mi jà nìyí! Ọdún kìíní ó gba 70, ọdún kejì 60, mo ní 65 ni, ilé ìwé ní 62.5, mo rò pé wọ́n rẹ́ ẹ jẹ ni.

Ìyá Ìbejì: Ó jọ pé ọdún kejì wúwo ní ìlọ́po mẹ́ta ọdún kìíní, sà. 70 kan, 60 mẹ́ta, àpapọ̀ 250, pín in sí mẹ́rin.

Bàbá Ẹniọlá: Ó wà nínú ìwé tí wọ́n fún wa lóòótọ́, mi ò kà á. Màá pè é lálẹ́ yìí.

Àbíkẹ́: Ẹ ṣé mà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ìwé òfin wọn, wọ́n ní àwọn máa fi tuntun rọ́pò ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ẹni tó bá tún kọ́ọ̀sì ṣe ò lè gbà ju 50 lọ, bó ti wù kó ṣe dáadáa tó.

Ìyá Ìbejì: Á jẹ́ pé 10 péré ló lé nìyẹn, ìdá mẹ́rin ẹ̀ jẹ́ 2.5. 60.5 ni. Ó mà dùn mí o. Bi wọ́n bóyá òfin yẹn kan ẹni tó ṣàìsàn nígbà ìdánwò àkọ́kọ́.

Àbíkẹ́: Ara mi ò yá lóòótọ́ nígbà yẹn, mo ṣì ní ìwé dókítà lọ́wọ́. Màá kọ lẹ́tà sí wọn lọ́la.