Ariwo ẹni tó ń gbé lókè mi: ṣé kí n fi àkọsílẹ̀ yìí ránṣẹ́ báyìí?

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Fúláàtì háúsìn asosiéṣọ̀n ni mò ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó wà lókè mi ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò ó tẹ́ pákó síbẹ̀, látìgbà náà mi ò rójú oorun mọ́, òru ni wọ́n máa ń tan ẹ̀rọ ìfọṣọ, tó bá wá dé ibi tó ń fún aṣọ, gbogbo kọ́ọ̀bù inú kọ́bọ́ọ̀dù mi á máa gbọ̀n.

Mo ti lọ bá wọn sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, kò yí padà. Mánéjà háúsìn asosiéṣọ̀n náà ní kí n máa kọ ariwo náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2. "Ariwo ti pọ̀ jù" ni mo kọ́kọ́ ń kọ, ọ̀rẹ́ mi ní wọn ò lè fi ìyẹn ṣe nǹkan kan, ni mo bá ń kọ ọ́ báyìí: "Ọjọ́ 4 oṣù kẹta, 11:50 alẹ́ sí 1:10 òru, ẹ̀rọ ìfọṣọ, mo wà ní bẹ́dírúùmù, ọmọ jí lẹ́ẹ̀mejì." Ó ti pé ìgbà 9.

Àmọ́ mo kọ eré tí ọmọ wọn ń sá lọ́sàn-án náà sí i. Ṣé kí n yọ ọ́? Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á ní ariwo ilé lásán nìyẹn, á sì ba ti òru jẹ́. Ṣé kí n fún káńsù náà ní kọ́pì, àbí kí n dúró de èsì mánéjà ná?