Ìbéèrè wo ló máa fi hàn pé wọ́n ṣì gbà pé erùpẹ̀ ni igi ń jẹ?

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń múra ẹ̀kọ́ fotosíńtẹ́sìsì sílẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló máa gbà pé inú ilẹ̀ ni igi ti ń rí oúnjẹ tó fi ń tóbi.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ fi ṣí ẹ̀kọ́ nìyí: "Igi kan wúwo tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 2. Lẹ́yìn ọdún 5, ó di 77. Kí ló pọ̀ jù nínú ohun tó fi sanra: erùpẹ̀, omi, afẹ́fẹ́ àbí ìmọ́lẹ̀?" Inú àyẹ̀wò tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Van Helmont, ṣe, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1648, ni mo ti mú un. Erùpẹ̀ tó gbin igi náà sí tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 90, ohun tó sì dín níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 57 lọ.

Ìyẹn máa lé erùpẹ̀ kúrò, àmọ́ omi ni wọ́n máa sá lọ bá, bí Van Helmont fúnra rẹ̀ ṣe ṣe. A ò sì lè sọ pé irọ́ pátápátá ni, torí omi pọ̀ nínú igi tútù. Mo wá yí i sí "igi tó ti gbẹ dáadáa", torí kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáìdì inú afẹ́fẹ́ ló di èyí tó pọ̀ jù nínú igi gbígbẹ. Síbẹ̀, ẹni tó gbà pé afẹ́fẹ́ kò wúwo rárá lè mú "afẹ́fẹ́" torí òun nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ẹ má bínú pé ó gùn díẹ̀. Ìbéèrè kejì wo ni mo lè bi wọ́n láti dá ẹni tó yé mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó kàn méfò? Ẹ ṣeun púpọ̀.