Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ kí n fowó sí ọjà òun, ó ní òun á máa fún mi ní £200 lóṣooṣù: ṣé èrè ni àbí èlé?

Bàbá Rámọ́tù, Máńṣẹ́sítà:
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ òní o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí kí n tó fowó sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tá a jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà fẹ́ ṣí ìsọ̀ oúnjẹ ilẹ̀ wa: gàrí, ẹ̀lùbọ́, ẹja dídì, gbogbo rẹ̀. Ó ní kí n gbé £15,000 kalẹ̀. Ó ní kì í ṣe ẹ̀yáwó, mùdárábà la máa pè é, ìyẹn òwò tí èmi mówó wá, tóun sì ń fi ṣiṣẹ́, òun á máa fún mi ní £200 lóṣooṣù, tó bá sì di ọdún méjì, òun á dá ojú owó mi padà pé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi wa bọ́ọ̀sì kí n tó rí owó yìí kó jọ. Mi ò fẹ́ jẹ èlé, mi ò sì fẹ́ kó ṣègbé. Ṣé ó bá Ìsìláàmù mu bó ṣe là á sílẹ̀ yẹn?

Ìyá Ìbejì, Pẹ́káàmù:
Ó bá a mu o, Bàbá Rámọ́tù. Ọlọ́run ṣe òwò ní hàlálì, ó ṣe èlé ní háráàmù. Òwò ni wọ́n sì fẹ́ fi owó yín ṣe. Ṣáà jẹ́ kẹ́ ẹ kọ £200 yẹn sínú ìwé, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i.

Ààfáà Oníṣirò, Lọ́ńdọ̀nù:
Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tẹ́ ẹ gbé e gúnlẹ̀ sí ló ń kọ mí lóminú. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní báńkì tí kì í gba èlé nílùú yìí, irú ìwé báyìí sì ti kọjá lójú mi dáadáa. £200 lóṣooṣù, £2,400 lọ́dún nìyẹn. Lórí £15,000, £16 ni lórí ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan, ọjà ì báà tà, kó má tà. Wọ́n sì ti fọwọ́ sọ̀yà pé ojú owó ò ní dín. Owó tó ń bí owó láìbéèrè ohun tójú ọjà rí, èlé ni, orúkọ yòówù kí wọ́n sọ ọ́.

Nínú mùdárábà, èrè là ń pín. Ẹ ò lè dá iye kan sílẹ̀ fún ara yín. Ìpín lẹ máa dá. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ fohùn ṣọ̀kan pé ìdá 40 nínú 100 èrè ni tiyín, ìdá 60 ni tirẹ̀ nítorí òun ló ń dúró nínú ìsọ̀. Ọdún yí po, ẹ yọ owó ọjà, owó ìsọ̀, iná àti owó òṣìṣẹ́ kúrò, £5,000 ṣẹ́ kù. £2,000 ni tiyín, £3,000 ni tirẹ̀. Bó bá jẹ́ £9,000 ló ṣẹ́ kù, £3,600 lẹ máa gbà, tó sì ju £2,400 rẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo apá kejì, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́. Bí ọjà bá jẹ gbèsè £4,000, £11,000 lẹ máa kó padà sílé. Ọ̀rẹ́ yín ò ní san kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ohun tóun pàdánù ni iṣẹ́ ọdún kan tó ṣe lásán. Àfi tó bá jẹ́ pé òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á: ẹ ti ní kó má ṣe tà láwìn, ó tà láwìn, tàbí ó mú owó ọjà san owó ilé ìwé ọmọ. Ìyẹn, ó máa dá a padà.

Ìyá Ọlọ́jà, Bámíńgáàmù:
Ààfáà, ọ̀rọ̀ yín yìí kàn mí lára. Mo fún àbúrò ọkọ mi ní £8,000 lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn láti máa kó aṣọ wá láti Ìbàdàn. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ó ní ọjà ti kú. Kò síwèé, kò sí nǹkan kan. Ṣé bí mo ṣe máa gbà náà nìyẹn, torí pé mùdárábà ni?

Ààfáà Oníṣirò, Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ kú ìfaradà o. Ọ̀rọ̀ ẹni tówó wà lọ́wọ́ rẹ̀ la máa kọ́kọ́ gbà lóòótọ́, torí a fọkàn tán an ká tó fún un lówó. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ pé ọjà kú, ó yẹ kó lè fi òkú ọjà hàn: ríìsíìtì tó fi rà á, èyí tó fi tà á, ẹrù tó kù nílẹ̀. Èmi ò lè dá ẹjọ́ tiyín látibí, ẹ pe àwọn àgbà ẹbí jókòó lé e lórí. Ẹ̀yin Bàbá Rámọ́tù, ẹ̀kọ́ tiyín nìyẹn: kí ọjà ní àkáǹtì tirẹ̀ ní báńkì, kí ẹ̀yin náà lè wò ó, kí ìwé pẹlẹbẹ tí ẹ̀rọ ìgbowó máa ń tẹ̀ jáde tí wọ́n bá tilẹ̀kùn lálẹ́ wà ní fáìlì, kẹ́ ẹ sì jọ máa ka ẹrù inú ìsọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún. Bí ẹ bá nílò owó lóṣooṣù, ó lè máa fún yín ní £100 pé ẹ ń mú un lára ìpín yín, tẹ́ ẹ máa ṣírò rẹ̀ padà níparí ọdún. Bí èrè ò bá tó o, ẹ máa dá ìyókù padà.

Ìyá Ìbejì, Pẹ́káàmù:
Mo ti gbọ́ o, ṣùgbọ́n ẹ ṣàlàyé èyí fún mi. Báńkì Ìsìláàmù tí mo kówó sí níbí, ojú owó mi ò dín rí, wọ́n sì sọ fún mi pé ìjọba dáàbò bò ó. Kí ló dé tí tibẹ̀ ò fi di èlé?

Ààfáà Oníṣirò, Lọ́ńdọ̀nù:
Ìbéèrè gidi lẹ bi yẹn. Nígbà tí wọ́n fún báńkì Ìsìláàmù àkọ́kọ́ níwèé àṣẹ níbí ní 2004, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bà jẹ́. Àwọn aláṣẹ ní òfin báńkì Bìrìtìkó ò mọ owó ìfipamọ́ tó lè dín. Àwọn ààfáà báńkì ní mùdárábà tójú owó rẹ̀ ò lè dín kì í ṣe mùdárábà. Ibi tí wọ́n parí ẹ̀ sí ni pé bí àdánù bá dé, báńkì gbọ́dọ̀ fi owó oníbàárà lọ̀ ọ́ ní pípé, oníbàárà ló lè sọ pé nítorí ẹ̀sìn òun, òun ò gbà á. Èrè tí wọ́n sì ń kọ sára ìwé, èyí tí wọ́n ń retí ni, wọn ò ṣèlérí rẹ̀. Àwọn kan ṣì wà tọ́rọ̀ yìí ò tíì wọ̀ létí, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n òfin ló ká báńkì lọ́wọ́ kò. Kò sí òfin tó ní kí ọ̀rẹ́ Bàbá Rámọ́tù ṣe onídùúró ojú owó.

Bọ̀dá Hiúsítọ̀nù:
Kí lẹ wá ń dààmú sí? Ẹ fi owó yín ra súkúùkì ìjọba Nàìjíríà, ìwé ìdókòwò tí kò lélé. Kò séwu ńbẹ̀ rárá. Ti 2017, 16.47 lórí ọgọ́rùn-ún ni lọ́dún, ìpín èrè tó dájú.

Ààfáà Oníṣirò, Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ̀gbọ́n, iye yẹn pé, àmọ́ kì í ṣe ìpín èrè. Háyà ni. Owó ₦100 bílíọ̀nù tí wọ́n kó jọ nígbà yẹn, ojú ọ̀nà 25 ni wọ́n fi ń ṣe káàkiri Nàìjíríà. Iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ fún un ló di ọ̀nà náà mú fún àwọn tó ra súkúùkì, ìjọba wá yá a lọ́wọ́ wọn, ó san háyà ní oṣù mẹ́fà-mẹ́fà fún ọdún méje, nígbà tó parí ní 2024, ó rà á padà. Ẹni tó ní ₦100,000 níbẹ̀, ₦8,235 ló bọ́ sí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Háyà lè jẹ́ iye kan tí kì í yí, torí nǹkan tá a lè fọwọ́ kàn ló wà nídìí rẹ̀. Ìjọba Bìrìtìkó náà ṣe irú rẹ̀ ní 2014, £200 mílíọ̀nù, háyà ilé ìjọba ni wọ́n fi gbé e dúró.

Ti pé kò séwu, ẹ jẹ́ ká rọra. Pọ́n-ùn ni Bàbá Rámọ́tù ń gbà. Ẹni tó ṣẹ́ pọ́n-ùn sí náírà ní 2017 rí háyà rẹ̀ gbà, àmọ́ ẹ rántí ibi tí náírà já sí láti oṣù kẹfà 2023. Ojú owó á pé ní náírà, tẹ́ ẹ bá wá ṣẹ́ ẹ padà sí pọ́n-ùn, ẹ óò rí i.

Bàbá Rámọ́tù, Máńṣẹ́sítà:
Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi sọ̀rọ̀. Ó lóun ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni máa wo àkáǹtì òun. Mo ní kó má bínú, mi ò lè ṣe mùdárábà ojú dídì. Ó wá ní ohun tó ká òun lára jù ni fìríìsà, £6,000, àti àpótí ìpàtẹ ẹja. Ṣé mo lè ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀?

Ààfáà Oníṣirò, Lọ́ńdọ̀nù:
Mùrábáhà ló kàn nìyẹn. Ẹ má fún un lówó o. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ra fìríìsà ní £6,000, kó di tiyín, kẹ́ ẹ wá tà á fún un ní £6,900, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó mọ iye tẹ́ ẹ rà á àti iye tẹ́ ẹ jẹ lé e. Kó máa san £300 fún oṣù 23. Láti ọjọ́ tẹ́ ẹ ti fọwọ́ síwèé, £6,900 ò lè di £6,901. Bó bá pẹ́ kó tó san, ẹ ò gbọdọ̀ fi nǹkan kan lé e. Tẹ́ ẹ bá kọ owó ìtanràn sínú àdéhùn kó má bàa máa fi ọ̀la dá yín, sàráà ni kó lọ, kì í ṣe àpò yín.

Ìyá Olú, Gíláásígò:
Kìrìsìtẹ́nì ni mí o, ẹ má bínú. £900 lórí £6,000, ṣé kì í ṣe ohun tí báńkì tèmi náà máa gbà ni? Níbo ni ìyàtọ̀ wà?

Ààfáà Oníṣirò, Lọ́ńdọ̀nù:
Mà, iye lè bára mu. Báńkì tí mo bá ṣiṣẹ́ pàápàá máa ń wo iye tí báńkì àpapọ̀ Bìrìtìkó bá kéde kó tó dá èrè tirẹ̀, àríwísí tó sì wà lórí ìyẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìyàtọ̀ wà láàárín ìgbà tí fìríìsà jẹ́ tiyín àti ìgbà tẹ́ ẹ tà á. Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá dà á nù lójú ọ̀nà kẹ́ ẹ tó tà á, ẹ̀yin lẹ pàdánù £6,000, kì í ṣe òun. Tẹ́ ẹ bá tà á tí kò mú ẹja dì, ẹ̀yin ló máa dá a padà fún. Báńkì tó yá ni lówó ò sí nínú ìyẹn. Tẹ́ ẹ bá yọ ìgbà yẹn kúrò, kò sóhun tó kù ju ẹ̀yáwó elélé lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń wo ọjọ́ àti orúkọ tó wà lára ríìsíìtì ṣáájú ohunkóhun.

Bàbá Rámọ́tù, Máńṣẹ́sítà:
Ààfáà, ọ̀rẹ́ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ríìsíìtì ránṣẹ́ sí mi báyìí. Ọjọ́ Sátidé tó kọjá ló wà lára rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ, wọ́n sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé owó ti pé. Ó ní kí n ṣáà fi £6,000 sínú àkáǹtì òun, kí a máa kọ ìwé mùrábáhà lọ.

Ààfáà Oníṣirò, Lọ́ńdọ̀nù:
Ẹ má sanwó o. Fìríìsà yẹn ti di tirẹ̀, ẹ ò lè tà á fún un. Kódà bó bá kọ́kọ́ tà á fún yín ní £6,000 tẹ́ ẹ wá tà á padà fún un ní £6,900, ẹ̀yìnkùlé lèlé gbà wọlé. Ẹ bi í bóyá ẹni tó tà á á gbà kó dá a padà, kó fún un lówó rẹ̀, kó wá tà á fún yín lórúkọ yín. Bí wọn ò bá gbà, ẹ bi í nǹkan mìíràn tó fẹ́ rà tí kò tíì rà.

Bàbá Rámọ́tù, Máńṣẹ́sítà:
Mo ti pè é. Fìríìsà ò ṣeé dá padà mọ́, wọ́n ti gbé e wọlé. Ṣùgbọ́n kò tíì ra àpótí ìpàtẹ ẹja náà, £1,850 ni. Mò ń lọ síbẹ̀ fúnra mi lọ́la.