Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: fọ́tò tí wọ́n fi ojú mi ṣe lẹ́yìn 7-0 ti dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó mi

Ọmọ Máńyù
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ Àìkú. Inú ń bí mi gan-an. Gbogbo yín lẹ mọ ohun tí Liverpool fi ojú àwa Máńyù rí ní Anfield lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2023 yìí. Ìṣẹ́jú 43 ni Gakpo gbá góòlù àkọ́kọ́ wọlé, 1-0 la gbé wọ ìsinmi. Ṣé ìyẹn burú? Ìgbà tí wọ́n padà wọ pápá ni nǹkan bàjẹ́. Gakpo gbá ìkejì tirẹ̀, Núñez gbá méjì, Salah gbá méjì, Firmino wá fi ọ̀kan lé e. Bruno tiwa kàn ń ju ọwọ́ kiri. Ìyẹn ti dun èèyàn tó.

Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Liverpool tí a jọ máa ń jókòó nílé ìwòran bọ́ọ̀lù, wá gé ojú mi nínú fọ́tò ìgbéyàwó àbúrò mi, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara alágbe kan tó kúnlẹ̀ sétí títì. Ó wọ jẹ́sì Máńyù tó ti ya sí i lọ́rùn, ó to ìgò 7Up méje síwájú rẹ̀, ó sì gbé abọ́ lé e lọ́wọ́. Ó fi sí sítátọ́ọ̀sì rẹ̀, ó pín in sí gbogbo gúrúùpù tí a jọ wà. Ìyá ìyàwó mi rí i. Màmá ò mọ bọ́ọ̀lù rárá. Ẹkún ni wọ́n fi pe ìyàwó mi, wọ́n ní ṣé ibi tí ìyà ọ̀hún dé nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún àwọn. Kí ni kí n ṣe fún ọkùnrin yìí?

Ìyá Wúrà
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ Arsenal ni ọkọ mi. Lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 tí Máńyù yín na wọ́n ní 8-2 ní Old Trafford, kò fọwọ́ kan oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Àbúrò rẹ̀ ń fi fọ́tò oríṣiríṣi ránṣẹ́, èmi ni mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi bọ́ọ̀lù wíwò sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣeré.

Ọmọ Máńyù
Ẹ ṣé mà. Ṣùgbọ́n mi ò bèèrè bóyá kí n má wo bọ́ọ̀lù mọ́.

Akin Amòfin
Àgọ́ ọlọ́pàá ni kẹ́ ẹ gbà lọ. Òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti wà láti ọdún 2015. Ẹni tó bá ti tún fọ́tò ẹlòmíì ṣe, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ.

Bàbá Ìbejì
Akin, òfin náà wà, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti sọ pé gbogbo fọ́tò tí wọ́n tún ṣe ló di ẹ̀wọ̀n. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ta ló máa kù nílé ìwòran? Ẹ̀yin Máńyù náà ẹ rọra. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejì tí ẹ na Newcastle 2-0 tí ẹ gba ife Carabao, ẹ ò jẹ́ ká sùn. Ọmọ Liverpool ò gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín ni?

Akin Amòfin
Ẹ̀yin lẹ ń ba ìlú jẹ́.

Ayàwòrán Mọ́kọlá
Iṣẹ́ tí mo ń ṣe nìyí, mo sì ti ṣe ọ̀pọ̀ irú fọ́tò yẹn fún àwọn ọmọ Chelsea àti Arsenal. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ Màmá. Ẹ má kàn sọ fún wọn pé irọ́ ni, ẹ fi han wọ́n. Ẹ fẹ ibi tí ọrùn ti kan jẹ́sì kó tóbi lójú fóònù. Ẹ máa rí etí tó gé gbọọrọ, tàbí ìlà funfun kan tó yí orí ká. Ẹ tún wo oòrùn: bí ìmọ́lẹ̀ bá wà lápá òsì ojú yín tí òjìji alágbe náà sì ṣubú sápá òsì, fọ́tò méjì ni wọ́n so pọ̀. Èyí tó dáa jù ni kẹ́ ẹ fi Google Lens wá a, bóyá fọ́tò alágbe gangan á jáde. Bí kò bá jáde, ẹ fi fọ́tò ìgbéyàwó tó gé ojú yín kúrò nínú rẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ojú kan náà, ẹ̀rín kan náà. Màmá á mọ̀ pé ẹni tó wọ aṣọ ẹbí kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ nídìí agbe.

Ó ku ohun tí àsọdùn yẹn ń sọ. Orí pápá ni àsọdùn ọmọ bọ́ọ̀lù máa ń ti wá. Góòlù méje ló bí ìgò 7Up méje. Kò sẹ́ni tí kò mọ ibi tí eré náà ti ṣẹ̀, èyí ló fi ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ìdí tó fi pọ̀ jù lọ́tẹ̀ yìí ni pé ọgbẹ́ wà lára àwọn ọmọ Liverpool fúnra wọn. Lọ́jọ́ 21 oṣù Kejì, ní Anfield wọn yìí náà, wọ́n ti ń fi 2-0 síwájú Real Madrid kí ìṣẹ́jú 15 tó pé, síbẹ̀ 5-2 ni Madrid fi lù wọ́n. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ẹ fi gbé ife sójú wọn. Nígbà tí 7-0 dé, ìtura ló ń pariwo.

Ṣùgbọ́n alágbe àti abọ́ ò ti orí pápá wá. Ìyẹn ni mo ń rò. Ṣé ó ti yọ fọ́tò náà kúrò? Ǹjẹ́ wọ́n kọ nǹkan kan sára abọ́?

Ṣèyí_Kop
Èmi ọmọ Liverpool ni. Ẹ̀rù Máńyù ò bà wá rí, kò sí ọgbẹ́ kankan. Ayọ̀ lásán ni.

Ayàwòrán Mọ́kọlá
Ṣèyí, lẹ́yìn Madrid, ọjọ́ mélòó lẹ ò fi gbé nǹkan kan sí sítátọ́ọ̀sì yín?

Ọmọ Máńyù
Ẹ ṣé, ọ̀gá. Kò yọ ọ́ o. Lánàá tí Bournemouth na Liverpool 1-0, tí Salah gbá pẹnáritì síta, mo ní yóò dákẹ́. Alẹ́ ọjọ́ náà ló tún gbé e jáde. Ó kọ ₦70,000 sára abọ́ náà.

Ìyá Wúrà
Náírà kẹ̀?

Bàbá Ìbejì
₦70,000 ti kí ni?

Ọmọ Máńyù
Irọ́ ni iye yẹn. ₦50,000 ni mo yá lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí owó ilé-ìwé àwọn ọmọ dé. Mo ti san ₦15,000 padà. ₦35,000 ló kù. Ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì kó lè bá 7-0 mu. Ẹ ṣáà rí i pé òun ló ń parọ́. A ò fi àsìkò kankan sí i, mo sì sọ fún un pé nǹkan le.

Bàbá Ìbejì
Háà! Ẹ ti ń sọ̀rọ̀ Gakpo àti Firmino látàárọ̀!

Ayàwòrán Mọ́kọlá
Ìdí tí mo fi bèèrè nìyẹn. Ìfìyà-bọ́ọ̀lù-ṣẹ̀sín máa ń kú nígbà tí ẹgbẹ́ ẹni tó ń fini ṣẹ̀sín bá ti pàdánù. Tirẹ̀ la ìdojútì Bournemouth já, torí náà Liverpool kọ́ ló gbé e ró. Ìbòjú ló fi bọ́ọ̀lù ṣe. Ó lè wí níwájú gbogbo gúrúùpù pé eré ni, ẹ̀yin nìkan lẹ máa ka ohun tó wà lára abọ́. Ìlọ́po méjì yẹn náà, bóyá nítorí 7-0 ni, bóyá bí owó náà ṣe tóbi lọ́kàn rẹ̀ nìyẹn. Èmi ò lè bá a sọ èyí tó jẹ́.

Akin Amòfin
Gbèsè kò ní kó ba èèyàn lórúkọ jẹ́ o. Ẹ má san kọ́bọ̀ àfi tó bá yọ ọ́.

Ìyá Wúrà
Rárá o. Ẹ kọ́kọ́ san díẹ̀, kí ẹ wá ní kó yọ ọ́. Ẹni tó ń jẹ gbèsè kì í fi ohùn òkè sọ̀rọ̀.

Ṣèyí_Kop
Bí mo ṣe jẹ́ ọmọ Liverpool tó, fífi owó sínú ẹ̀ kò dáa.

Ọmọ Máńyù
Mo ti fi fọ́tò ìgbéyàwó àti ayédèrú náà ránṣẹ́ sí Màmá, ìyàwó mi ló ń fi ibi ọrùn hàn wọ́n lórí fóònù báyìí. Mo lè rí ₦10,000 lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e lọ sílé rẹ̀ bí fọ́tò náà bá ṣì wà níbẹ̀. Ìyẹn ò ní ṣẹlẹ̀.

Bàbá Ìbejì
Ẹ wá ẹnì kẹta tó máa gba owó náà lọ́wọ́ yín, kó sì dúró tì í tó bá ń yọ ọ́. Ṣé ẹni tó ni ilé ìwòran ò lè ṣe é?

Ọmọ Máńyù
Ọmọ Liverpool lòun náà.