Wọ́n ń wo àdìrẹ mi, ẹnikẹ́ni ò rà á: kí ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta. Mo gbé ọ̀kan sórí ẹ̀rọ ayélujára, àwọn tó wò ó ti lé ní 600, kò sẹ́ni tó rà.

Lójú tèmi, àkọlé àti àwòrán iwájú ń ṣiṣẹ́, torí àwọn ló ń mú kí èèyàn tẹ̀ ẹ́. Inú lọ́hùn-ún ni wọ́n ti ń padà. Ìta gbangba ni mo ti ya àwòrán iwájú, aró rẹ̀ hàn kedere. Abẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ya ìyókù, aró wá dúdú bí ẹni pé aṣọ mìíràn ni. Kò sì sí èyí tó fi ẹ̀yìn aṣọ hàn, bẹ́ẹ̀ ohun tí oníbàárà ń yí wò lọ́jà gan-an nìyẹn.

₦14,000 ni mò ń tà á, yáàdì márùn-ún. Ti ẹlòmíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦9,500, ṣùgbọ́n yáàdì mẹ́rin ni. Tí a bá pín in, ₦2,800 ni yáàdì kan tèmi, tiwọn ₦2,375. Àlàfo náà ò tó bó ṣe rí lójú, àmọ́ iye yáàdì ò sí nínú àlàyé mi. Àwọn díẹ̀ tó kọ̀wé sí mi, "Yáàdì mélòó ni?" ni gbogbo wọn ń bi mí.

Ó ń ṣe mí bíi kí n tún àlàyé ṣe ná, kí n fi owó sílẹ̀ bó ṣe wà, torí tí mo bá yí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, mi ò ní mọ èyí tó mú ọjà tà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta aṣọ báyìí, ṣé àwòrán ló yẹ kó ṣáájú ni?