"Báìtì tútù" ni àbí "báìtì ògidì"? Àti òǹkà tó wà lábẹ́ òdo

Ọmọ Eléja:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo ń kọ ìwé pélébé kan ní Yorùbá fún àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ní kóòdù. Àpẹẹrẹ tí mo mú ni sẹ́ńsọ̀ TMP102 tó ń wọn ooru àti otútù, tí mo gbé sínú firísà ẹja màmá mi, tí kọ̀ǹpútà kékeré ESP32 ń kà á lórí wáyà méjì ti I2C. Ọ̀rọ̀ méjì ló há mi lọ́fun. Báìtì méjì tí sẹ́ńsọ̀ fi ránṣẹ́, kí a tó ṣe ohunkóhun sí i, kí ni ká máa pè é? Mo kọ "báìtì tútù", àbúrò mi sì fi mí rẹ́rìn-ín. Èkejì ni ọ̀nà tí ẹ̀rọ ń gbà kọ òǹkà tó wà lábẹ́ òdo. Mo rò pé ó yé mi tẹ́lẹ̀, àfi bí kóòdù mi ṣe ní firísà ẹja gbóná dé dígírì 238! `a` ni báìtì àkọ́kọ́, `b` ni èkejì:

```
uint16_t r = (a << 8) | b;
float t = (r >> 4) * 0.0625;
```

Akọ́mọlédè:

Àbúrò rẹ gbọ́n. Iṣu tútù ni iṣu tí a kò tíì sè, ṣùgbọ́n omi tútù kò ní ohun kan ṣe pẹ̀lú sísè. Ẹja tútù tí màmá rẹ ń tà wá burú jù, torí inú yìnyín ló ti jáde, a kò sì tíì sè é, ìtumọ̀ méjèèjì ló gbé pọ̀. Bí ẹ̀kọ́ náà bá dá lórí rédíò tàbí fọ́tò, èmi ì bá gbà fún "tútù". Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ otútù gan-an la ń wọ̀n, ọmọ tó bá ka "báìtì tútù" á rò pé èyí tó ti inú firísà wá nìyẹn, á sì máa wá báìtì gbígbóná kiri.

Ògidì ni mo fara mọ́. Ògidì ẹmu ni ẹmu tí wọn ò bu omi là. Báìtì ògidì sì ni èyí tí a kò tíì fọwọ́ kàn láti ìgbà tó ti kúrò lẹ́nu sẹ́ńsọ̀. Ní ti òǹkà abẹ́ òdo, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, kí n má baà sọ ọmọ tí n kò rí ojú rẹ̀ lórúkọ.

Ìyá Òròmọdìyẹ:

Ẹ ṣeun tí ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá. Sẹ́ńsọ̀ tèmi náà kò sọ òótọ́ rí. Inú ẹ̀rọ tí mo fi ń pa ẹyin ni mo gbé e sí. Bí mo bá ti tan iná báyìí, ó máa kọ 85. Ẹyin wo ló máa yè nínú 85? Kí n tó sáré dé ibẹ̀, ó ti padà sí 37. Ṣé báìtì ògidì ló ń dà mí láàmú ni?

Ẹlẹ́rọ Àkúrẹ́:

Ìyá wa, DS18B20 ni tiyín yẹn, wáyà kan ṣoṣo ló fi ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe méjì, ọ̀nà tó ń gbà sọ̀rọ̀ sì yàtọ̀. 85 ni ó máa ń wà nínú rẹ̀ nígbà tí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kí ó tó wọn ohunkóhun. Ìwọ̀n kan lè gbà á tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ sọ fún ẹni tó kọ kóòdù yín kó dúró kó tó kà á. Ẹyin yín wà láyọ̀.

Ọmọ Eléja, gbé 238 yẹn lé mi lọ́wọ́. Nínú TMP102, báìtì àkọ́kọ́ ni dígírì odindi, èkejì ni èérún tó kù. Nígbà tí o gbé e sórí tábìlì, bóyá o rí 27 àti 128. 27 ni dígírì. 128 jẹ́ ìlàjì 256, ìyẹn ni pé ìlàjì dígírì kan ló lé, 27.5. Bíìtì mẹ́rin ìsàlẹ̀ nínú báìtì kejì kò ní nǹkan kan nínú, ìdí rèé tí o fi ń tì í ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí o tó fi 0.0625 sọ ọ́ di púpọ̀.

Nínú firísà, mo lè fi owó lé e pé 0xEE àti 0x00 ni o gbà. 0xEE yẹn, tí o bá kà á bí òǹkà lásán, 238 ni. Ṣé o ṣàkíyèsí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí firísà ń tutù lọ? Ó yẹ kí ó máa bọ̀ nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé 0.00, kí ó wá ṣàdédé fò sókè sí 255.94. Ẹni tó bá rí ìfò yẹn kò nílò àlàyé míràn. Sẹ́ńsọ̀ kò ṣẹ̀, ẹni tó ń kà á ló ṣì í kà.

Bàbá Rédíò:

Ẹ jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ yìí sọ ní kúkúrú, torí ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń tú ẹ̀rọ. Bíìtì àkọ́kọ́ ni àmì. Bó bá jẹ́ 1, ìyọkúrò ni. Bó bá jẹ́ 0, kò sí wàhálà. Ẹ yọ bíìtì yẹn, ẹ ka ìyókù, ẹ fi àmì ìyọkúrò síwájú rẹ̀, ó parí. Ẹ kàn pè é ní "bíìtì àmì", kí a lọ jẹun.

Ẹlẹ́rọ Àkúrẹ́:

Bàbá, ẹ ò jìnnà sí òtítọ́. Lóòótọ́, bíìtì àkọ́kọ́ ló ń sọ pé a ti wọ abẹ́ òdo. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká dán ìyókù wò. 0xEE ni 11101110. Tí ẹ bá yọ 1 iwájú, ohun tó kù ni 1101110, ìyẹn 64 àti 32 àti 8 àti 4 àti 2. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 110. Nípa ọ̀nà tiyín, firísà ìyá Ọmọ Eléja wà ní 110 lábẹ́ òdo, ẹja yẹn á dún bí agogo ni.

Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ọmọṣẹ́ mi nìyí. Bíìtì àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe àmì, gbèsè ni. 128 ni ó jẹ ní gbèsè. Àwọn bíìtì tó tẹ̀ lé e ni owó tí wọ́n ti san: 110. Èló ló kù sí i lọ́rùn? 18. Firísà wà ní 18 lábẹ́ òdo, bó sì ṣe yẹ kí firísà ẹja wà náà nìyẹn. Òǹkà onígbèsè ni mo ń pè é ní tèmi.

Ibi tí kóòdù rẹ ti ṣì ni `uint16_t`. Ọ̀rọ̀ yẹn ń sọ fún ẹ̀rọ pé ibí yìí kò sí ẹni tó jẹ gbèsè rárá, nítorí náà ó ka gbèsè 128 mọ́ owó, ó sì fi kún 110. 238 tìrẹ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni kí o yí padà:

```
int16_t r = (a << 8) | b;
float t = (r >> 4) * 0.0625;
```

Akọ́mọlédè:

Mo dúpẹ́, ó yé mi wàyí, mo sì lè bá yín jiyàn. Ẹ wo 238 àti 18 yẹn dáadáa. Láàárín 256 àti 238, 18 ló wà. Ẹ̀rọ yìí ò sọ pé "18 lábẹ́ òdo", ohun tó kọ ni "256 ó dín 18". Àwa náà kì í pe 18 ní mẹ́jọ lé mẹ́wàá, eéjìdínlógún là ń pè é, ogún ó dín méjì. 238 gan-an, òjìlénígba ó dín méjì ni lẹ́nu Yorùbá. Kí la wá ń wá gbèsè kiri fún? *Òǹkà aládìn-ín* ló yẹ ẹ́. Ọmọ tó bá ti mọ márùndínlógójì kò ní kọsẹ̀ níbẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Àkúrẹ́:

Ẹ̀gbọ́n, ìṣirò yín pé, adùn rẹ̀ sì wọ̀ mí lára. Ohun kan ló dí mi lọ́wọ́. Nígbà tí mo bá sọ pé eéjìdínlógún, mo pe ogún, mo sì pe dín, ẹni tó gbọ́ kò lè ṣì í gbọ́. Báìtì kì í pe 256, kì í sì í pe dín. 0xEE kan náà lè jẹ́ 238 lóòótọ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, bí àpẹẹrẹ tó bá jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ̀n. Ẹni tó ń kà á ló gbọ́dọ̀ mọ̀ pé gbèsè wà níbẹ̀. Mo ń bẹ̀rù pé "aládìn-ín" á jẹ́ kí ọmọ rò pé a kọ dín náà sí ibì kan.

Akọ́mọlédè:

Gbèsè náà, ta ló kọ ọ́ sí ojú báìtì? Ẹni tó bá rí 1 níwájú 0xEE kò lè mọ̀ pé gbèsè ni, àfi tí a bá sọ fún un. Ibi kan náà la wà.

Bàbá Rédíò:

Mo ṣe é lórí ìwé, 110 ló jáde lóòótọ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n "bíìtì àmì" yìí kúrú ju tiyín lọ o.

Ọmọ Eléja:

Mo yí ọ̀rọ̀ kan yẹn padà, ó ń kọ -17.94 báyìí. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. "Ògidì" ni mo máa lò. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ yìí màmá mi pè mí pé -0.06 ló wà lójú ẹ̀rọ, ẹja sì dì gbagidi bí òkúta. Kò yí padà fún wákàtí méjì, ó kàn dúró sójú kan náà ni. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí i pé ilẹ̀kùn firísà ti tẹ wáyà já. Ta ló wá sọ -0.06 nígbà náà?

Ẹlẹ́rọ Àkúrẹ́:

Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Kò sí sẹ́ńsọ̀ lórí wáyà, `Wire.requestFrom` ti sọ fún ọ pé òun kò rí báìtì kankan gbà, ìwọ ò gbọ́, o sì lọ ń kà. Bí kò bá sí nǹkan nílẹ̀, `Wire.read()` máa ń dá -1 padà, èyí tó di 255 nínú báìtì. 255 àti 255, bíìtì gbogbo jẹ́ 1: ó jẹ gbèsè, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ san án tán, ó ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan nínú TMP102 jẹ́ 0.0625, òun lo rí yẹn. Fi èyí síwájú ibi tí o ti ń ka báìtì:

```
if (Wire.requestFrom(0x48, 2) != 2) return;
```

Ewu rẹ̀ ni pé -0.06 jọ òótọ́. 238 máa ń pariwo, ẹnikẹ́ni á rí i pé irọ́ ni.

Akọ́mọlédè:

Ẹ ò ha rí i pé ìyẹn náà ń fẹ́ orúkọ? Kò lè jẹ́ báìtì ògidì, torí kò ti ẹnu sẹ́ńsọ̀ jáde. Báìtì òfo ńkọ́?

Ẹlẹ́rọ Àkúrẹ́:

Òfo lọ́dọ̀ àwọn ọmọṣẹ́ mi, òdo ni. Èyí sì kún fún 1 láti òkè délẹ̀. Rárá o.

Ọmọ Eléja:

Ní báyìí ná, ohun tí mo ní kí ojú ẹ̀rọ máa kọ ni "SẸ́ŃSỌ̀ KÒ DÁHÙN". Màmá mi ní èyí yé òun. Mo kọ onígbèsè àti aládìn-ín méjèèjì sínú ìwé náà, ojú ìwé kan náà ni wọ́n wà.