Ẹ bá mi tún àkọlé iṣẹ́ ìwádìí mi lórí alámọ̀ wò

Ẹ̀yin àgbà nídìí ìwádìí, ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìmọ̀ràn yín. Adó-Èkìtì ni mo ti ń kọ iṣẹ́ oyè másítà mi lórí alámọ̀, ewì alohùn àwọn obìnrin Èkìtì. Àkọlé tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ni "Àgbéyẹ̀wò Ipa àti Ìwúlò Alámọ̀ láàárín Àwọn Obìnrin ní Àwọn Ìlú Kan ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì". Alábòójútó mi ní ó gùn, kò sì sọ ibi pàtó. Òótọ́ sì ni, torí ìsìnkú àgbà ní Ìkọ̀lé nìkan ni mo ti gba ohùn àwọn ìyá wa sílẹ̀. Mo wá gé e sí "Alámọ̀ níbi Ìsìnkú Àgbà ní Ìkọ̀lé-Èkìtì".

Kókó ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn yóò fi máa wá iṣẹ́ náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ló wá kù tó ń dà mí láàmú, márùn-ún péré ni wọ́n gbà. Bí ènìyàn bá tẹ "alamo" láìfi àmì sí i, odi ogun kan ní Tẹ́ksáàsì l'Amẹ́ríkà ló máa ń jáde! N kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ inú àkọlé ṣòfò àyè, nítorí náà mo mú "ewì alohùn Yorùbá", "ẹ̀ka-èdè Èkìtì" àti "orin obìnrin". Ṣé kí n fi "Alamo Ekiti" aláìlámì kún un? Àbí kí "ewì alohùn" kúkú wọ inú àkọlé gan-an, bó tilẹ̀ máa gùn díẹ̀ sí i?